Òwe mẹ́wàá fún ògiri ibi ìránṣọ: wọ́n ní gbogbo ayé ti gbọ́ ọ rí, ẹ bá mi tún un ṣe

Ọmọ Abẹ́rẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ mẹ́fà níṣẹ́ aṣọ rírán. Mo fẹ́ kọ òwe mẹ́wàá sára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí páálí tirẹ̀, kí wọ́n máa rí i nígbà tí wọ́n bá gbójú sókè nídìí máṣíìnì. Òwe tuntun ni mo fẹ́. Mo ní kí ẹ̀rọ òǹkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà bá mi gbé e kalẹ̀, ó sì kó mẹ́wàá jáde kí n tó ṣẹ́jú. Mo fi han ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Wọ́n kà á tán, wọ́n ní, "Ó dára o, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n kọ ọ́ fún?" Àbúrò mi obìnrin ní ó dà bí ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kàlẹ́ńdà. Àwọn nìyí:

1. Sùúrù ni ọ̀nà àṣeyọrí.
2. Iṣẹ́ àṣekára kì í já sí asán.
3. Ẹni tó bá tẹra mọ́ṣẹ́ yóò rí èrè.
4. Àṣìṣe ni olùkọ́ tó dára jù lọ.
5. Ìrìnàjò tó jìn, ìgbésẹ̀ kan la fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.
6. Iṣẹ́ tí o lè ṣe lónìí, má fi í sílẹ̀ di ọ̀la.
7. Ìmọ́tótó ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rere.
8. Ẹ̀kọ́ kò lópin.
9. Ìṣọ̀kan ni agbára.
10. Oníbàárà ni ọba.

Bí mo ṣe ń tún un kà ni mò ń rí i pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò sí irọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè mú ọmọ kan dúró wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Báwo lẹ ṣe ń tún irú èyí ṣe?

Ọ̀rọ̀ Lẹwà

Èdè ibẹ̀ ló fẹ́lẹ́ jù, àǹtí. Ẹ fi ìjìnlẹ̀ Yorùbá sí i. Bí àpẹẹrẹ, dípò ìkíní, ẹ lè sọ pé "Ìfaradà ni kọ́kọ́rọ́ tí ń ṣílẹ̀kùn ọlà." Dípò ìkẹjọ, "Omi òkun ni ìmọ̀, a kì í gbọ́n ọn tán." Ó ti yàtọ̀ nìyẹn.

Afòwekọ́ni

Ọ̀rọ̀ Lẹwà, omi òkun yẹn dára ju ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ojú rí òkun, ojú kò rí ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ọlà yẹn, aṣọ tuntun la wọ̀ fún un, ara àtijọ́ náà ló wà nínú rẹ̀. Bí èrò bá ti gbó, èdè ìjìnlẹ̀ kò lè sọ ọ́ di tuntun.

Ọmọ Abẹ́rẹ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú wọn. Ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ bi ara yín pé: bí mo bá gbé èyí lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ awakọ̀, ṣé ó máa bá wọn mu? Bí mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ńkọ́? Mo ti gbé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kiri, kò sí ibi tí wọn kò ti bára dé. Ohun tí ọ̀gá yín ń béèrè nìyẹn. Ẹ̀rọ yẹn kò sì ṣẹ̀ yín. Ohun tó wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn èèyàn ti kọ sílẹ̀ ló ń tọ̀, ó sì dà bíi pé òwe nípa iṣẹ́ nìkan lẹ ní kí ó kọ, ẹ kò sọ fún un pé ọmọ kan wà nídìí máṣíìnì tó ń gé aṣọ báyìí báyìí.

Ẹ tún wò ó: sùúrù, àṣeyọrí, èrè, ìmọ́tótó, ìṣọ̀kan, agbára. Kò sí ọ̀kan tí ọwọ́ lè dì mú. Nínú òwe mẹ́wàá fún télọ̀, abẹ́rẹ́ kò sí, òwú kò sí, aṣọ gan-an kò sí. Ìkíní, ìkejì àti ìkẹta sì jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà tí a sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Nítorí náà mẹ́jọ lẹ ní lọ́wọ́, kì í ṣe mẹ́wàá.

Ẹ gbé òwe tì ná. Ẹ sọ fún wa: ọjọ́ wo ni àìní sùúrù kó ọmọ iṣẹ́ yín sí wàhálà? Ibo lára aṣọ? Kí lọwọ́ rẹ̀ ń ṣe?

Etí Ògiri

Ẹ ṣé tí ẹ béèrè òwe nípa aṣọ àti abẹ́rẹ́. Mo mọ mẹ́ta dáadáa: "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." "Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí." "Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìyẹ." Bí mo bá rántí sí i, màá kó o wá.

Ọmọ Abẹ́rẹ́

Ẹ ṣeun, Etí Ògiri, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn ti wà tipẹ́. Tuntun ni mò ń wá.

Afòwekọ́ni

Ẹ má tíì jẹ́ kí ó kó wọn lọ, iṣẹ́ wà tí wọ́n lè bá wa ṣe. Ẹ wo ti abẹ́rẹ́ àti adìyẹ. Kò sí ibi tó ti ní kí a má fojú kéré nǹkan. Ó fi abẹ́rẹ́ hàn wá, ó fi adìyẹ hàn wá, ọ̀nà ọ̀fun ló kù, ìwọ tí o gbọ́ ọ lo máa dé ibẹ̀ fúnra rẹ. Ẹ wá fi ti ẹ̀rọ yẹn wé e. Ìtumọ̀ ni wọ́n ń sọ fúnni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹni tó ń gbọ́ kò ní nǹkan kan láti fi orí ara rẹ̀ ṣe.

Ọmọ Abẹ́rẹ́

Ó ti yé mi. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ọmọ kan fẹ́ rán búláòsì. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà ibi tí ojú ìrán máa gbà, ìlà náà tọ́. Àyè ìrán tí mo kọ́ wọn ni sẹ̀ǹtímítà 1.5 ní ìta ìlà. Ó ń kánjú, ó gbé àlùmọ́gàjí, ó sì gé e lórí ìlà ṣọ́ọ̀kì gan-an, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ méjì, etí mẹ́rin: sẹ̀ǹtímítà 6 ló lọ lára aṣọ náà. Aṣọ tó yẹ kó yí ara ká wá há mọ́ aláṣọ lára. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ mí. Mo ní, "Èmi kọ́ ló yẹ kí o bẹ̀. Ṣé bí o bá bẹ aṣọ, ó máa hù?"

Afòwekọ́ni

Ẹ ti sọ òwe yẹn tán, ẹ kò kàn mọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ yẹn ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi bí mo ṣe ń gé e kúrú hàn yín, kì í jáde lẹ́ẹ̀kan. Àkọ́kọ́ tí mo kọ ni: "Ẹni tó fi ìkánjú gé aṣọ yóò kábàámọ̀." Aṣọ ti wọlé, ṣùgbọ́n ìkánjú àti àbámọ̀ ṣì ń ṣe olùkọ́. Mo tún un kọ: "Òwú tí a rán ṣeé tú, aṣọ tí a gé kò ṣeé so padà." Èyí jẹ́ òótọ́, ohun méjì sì ń dá ara wọn lóhùn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣàlàyé bí ẹni ń ka ìwé ìlànà. Nígbà tí mo gbé ẹ̀bẹ̀ yín wọ inú rẹ̀, ó di:

*Òwú gbọ́ ẹ̀bẹ̀, àlùmọ́gàjí kò gbọ́.*

Ẹ kà á sókè. Apá àkọ́kọ́ parí sí ohùn ìsàlẹ̀, ẹ̀-bẹ̀, bí ẹni tó tẹrí ba. Apá kejì parí sí ohùn òkè, gbọ́, bí ẹni tó kọ̀ jálẹ̀. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú "sísọ́ọ̀sì kò gbọ́," ó lọ sí ibi kan náà, ṣùgbọ́n ẹnu kò dúró tó kí ó tó dé orí "kò gbọ́." Gígùn àlùmọ́gàjí ló ń mú kí èèyàn dúró de ìdáhùn.

Ọ̀rọ̀ Lẹwà

Ó wù mí gan-an. Mo gbà pé mo ṣi í gbé. Ṣùgbọ́n kí ló burú nínú "Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí o tó gé e lẹ́ẹ̀kan"? Téèpù wà níbẹ̀, àlùmọ́gàjí wà níbẹ̀, ó sì kúrú.

Afòwekọ́ni

Kò burú, ó ti di ti gbogbo oníṣẹ́ ni. Àwọn káfíńtà ń sọ ọ́, àwọn tó ń gé irin ń sọ ọ́. Ẹ lè kọ ọ́ sórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ, ibẹ̀ ni yóò ti wúlò, nítorí àṣẹ ni. Ẹ̀yin náà wò ó o: ọmọ tí àǹtí sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn wọ̀n ọ́n dáadáa. Ìlà rẹ̀ tọ́. Bí ó bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ibi kan náà ni ì bá gé. Òwe tó wà lẹ́nu gbogbo èèyàn kò mọ irú àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ níbí.

Télọ̀ Àtijọ́

Ó ti lé ní 40 ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mo sì fẹ́ràn ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí ìkẹrin, èyí tó ní àṣìṣe ni olùkọ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Mo gba bàágì awọ kan nígbà kan, mo rán àpò rẹ̀ wọ́. Mo tú u, mo tún un rán. Òwú àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ tò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìrán tuntun bí ẹsẹ̀ ẹyẹ, kò sì sí ohun tí mo lè fi dí i. Mo san owó awọ náà. Nítorí náà mo ní: "Òwú lọ, ihò abẹ́rẹ́ kò lọ."

Ọmọ Abẹ́rẹ́

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Lára aṣọ òwú tí àwọn ọmọ mi fi ń kọ́ṣẹ́, ihò máa ń dí. A ó wọ́n omi díẹ̀ sí i, a ó fi èékánná ha á, a ó lọ̀ ọ́, a kò ní rí i mọ́. Bí mo bá kọ ìyẹn sí ògiri, ọmọ kan máa tú aṣọ tirẹ̀, ihò á sì dí lójú gbogbo wọn.

Télọ̀ Àtijọ́

O sọ òótọ́, ọmọ mi. Awọ ni mo fi kọ́gbọ́n, n kò rántí aṣọ òwú. Sátínì àti síliìkì tó fẹ́lẹ́ máa ń gba ihò sára náà, ṣùgbọ́n aṣọ òwú ń dárí jini.

Afòwekọ́ni

Ẹ ò rí i pé bàbá tún ti sọ ọ̀kan mìíràn: aṣọ òwú ń dárí jini. Ohun tí àǹtí sọ yẹn ṣe pàtàkì. Òwe tuntun kò ní àgbà kankan lẹ́yìn tó lè gbè é. Bí ó bá purọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú oníṣẹ́, ó ti kú. Kí á fi awọ sínú rẹ̀ kí ibi tó ti jẹ́ òótọ́ hàn: *Òwú kúrò lára awọ, ihò dúró.* Ó tún wá sàn sí i, torí ọmọ tó bá kà á máa béèrè pé, "Aṣọ tèmi ńkọ́?"

Olùkọ́ Ìṣirò

Ẹ dákun, èmi náà ní irú ìṣòro yìí. Mo kọ òwe márùn-ún fún kíláàsì ìṣirò, àwọn ọmọ ní ó ń súni. Ṣé mo lè mú èyí tó ní àlùmọ́gàjí yẹn? Ó bá ìdánwò mu, bí èèyàn bá ti kọ ìdáhùn tó sì ti fi ìwé sílẹ̀.

Afòwekọ́ni

Ẹ lè fi pa á lówe lẹ́nu, ìyẹn ni òwe wà fún. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sára ògiri kíláàsì yín. Ẹ wá èyí tó wà nínú iṣẹ́ yín. Àmì ìyọkúrò tó sọnù ní ìlà kejì tí a kò rí i títí dé ìlà kẹsàn-án, mo mọ̀ pé ẹ ní ìtàn rẹ̀.

Ọmọ Abẹ́rẹ́

Mo jókòó ti ìkẹsàn-án, ìṣọ̀kan, lálẹ́ àná. Mo bi ara mi pé ibo ni nǹkan méjì ti ń pa pọ̀ nínú iṣẹ́ wa. Òwú òkè àti òwú bọ́bìnì ni. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé òwú bọ́bìnì á tán, kò sì sí ẹni tó ń rí i, abẹ́ aṣọ ló wà. Máṣíìnì ń sáré, abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò, ọmọ náà ń darí aṣọ bí ọ̀gá, ó rán ẹ̀gbẹ́ síkẹ́ẹ̀tì láti òkè délẹ̀. Ó gbé e kúrò, aṣọ já sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ihò nìkan ló tò lórí ìlà. Mo kọ ọ́ báyìí: "Òwú ìsàlẹ̀ tán, máṣíìnì kò mọ̀, ariwo ń lọ, aṣọ kò so."

Afòwekọ́ni

Inú mi dùn. Kò sí ìṣọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́, ó sì sọ ọ́ ju "ìṣọ̀kan ni agbára" lọ. Ó kàn gùn díẹ̀. Ẹyọ mẹ́rin ni, àwọn méjì àárín ń ṣàlàyé fún ara wọn. Bí ẹ bá gé e sí "Òwú ìsàlẹ̀ tán, ariwo máṣíìnì kò dín," ẹni tó bá ti rí i rí á parí rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Télọ̀ Àtijọ́

Mo fẹ́ràn "aṣọ kò so" yẹn. Ẹ má gé e jù.

Ọmọ Abẹ́rẹ́

Ọkàn mi pín sí méjì. Mo máa kọ kúkúrú, màá sì máa fi ẹnu sọ gígùn.

Àwọn tó kù rèé bí mo ṣe tún wọn ṣe, ẹ má fi bò fún mi o. Ìkarùn-ún, ti ìbẹ̀rẹ̀: *Ìdí òwú tí a kò ta ní kókó: à ń rán níwájú, ó ń tú lẹ́yìn.* Ìkẹfà, dípò òní àti ọ̀la: *Aṣọ tí kò rí omi télọ̀ yóò súnkì nínú omi oníbàárà*, torí wọn kì í fẹ́ fọ aṣọ òwú kí wọ́n tó gé e. Ìkeje: *Ojú aṣọ ń yin télọ̀, inú aṣọ ló ń jẹ́rìí.* Ìkẹjọ: *Aṣọ yíyọ̀ kò mọ ọ̀gá.* Ìkẹwàá: *Ẹni tó fa ikùn fún téèpù kò lè fà á fún bọ́tìnì.*

Mo yọ ìkejì kúrò pátápátá. Nípò ìkẹta mo fi ti òwú gígùn: *Ọ̀lẹ gé òwú gígùn, kókó ló fi ọjọ́ tú.* Ọmọ tí kò fẹ́ máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á gé e gùn ju apá rẹ̀ lọ, á wá lọ́ mọ́ra.

Afòwekọ́ni

Ìkarùn-ún àti ìkeje, mi ò ní fọwọ́ kàn wọ́n. Ti òwú gígùn, ẹ mọ̀ pé àwọn ará Rọ́ṣíà ní òwe tó sọ pé òwú gígùn, ọmọbìnrin ọ̀lẹ. Ẹ kò jí i, ibi kan náà ni ọwọ́ gbogbo ẹni tó ń ránṣọ ti ń kọ́ ọ. Mo kàn ní kí ẹ mọ̀ ni, torí tuntun lẹ ní ẹ ń wá.

Ìkẹwàá dùn, ṣùgbọ́n ta ló ń bá wí? Oníbàárà ni. Òwe inú ibi iṣẹ́ ọmọ kọ́ nìyẹn, iwájú dígí ni kó wà.

Ọmọ Abẹ́rẹ́

Háà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọmọ tó ń wọn èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn kan máa ń fa ikùn, kí ó ní kí wọ́n mí síta kó tó ka téèpù. Ẹ jẹ́ kí n yí i: *Téèpù tí kò dúró de èémí, bọ́tìnì ni yóò san án.*

Ọ̀rọ̀ Lẹwà

Ti àkọ́kọ́ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Èyí ní láti dúró kí ó tó yé mi.

Télọ̀ Àtijọ́

Èmi kò fara mọ́ ìkẹjọ. Aṣọ yíyọ̀ kò mọ ọ̀gá, ọmọ tí kò gbọ́ràn á máa fi sọ sí ọ̀gá rẹ̀ pé, "Ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n." Mo ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Afòwekọ́ni

Bàbá, èmi rò pé ọ̀gá gan-an ló ń kìlọ̀ fún. Bí síliìkì bá yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì, kò bìkítà nípa 40 ọdún.

Télọ̀ Àtijọ́

Mo gbọ́. Èrò mi kò tíì yí.

Ọmọ Abẹ́rẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fi mẹ́jọ sára ògiri lọ́jọ́ Ajé. Mi ò kọ ìkẹjọ, mo ṣì ń ro ọ̀rọ̀ bàbá. Ìkejì ṣófo, mi ò tíì rí ohun tí ọwọ́ ń ṣe tó jẹ́ iṣẹ́ àṣekára nìkan. Ti téèpù ni mo kọ, Ọ̀rọ̀ Lẹwà, ẹ bá mi fara dà á.

Mo yọ àwọn páálí náà lọ́jọ́ Ẹtì, mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ èyí tó bá rántí. Ti omi télọ̀, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ bó ṣe wà. Ọmọ méjì sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí lẹ́nu wọn, nítorí náà màá tún un gé. Ti àlùmọ́gàjí, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, ọmọ tó gé búláòsì yẹn ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, ọ̀kan nínú wọn ń rán apá aṣọ, ó ń sáré. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Òwú ìsàlẹ̀ ńkọ́?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, ó ṣí ibi tí bọ́bìnì wà, ó wò ó.